Owó Ojúmọ́ Tàbí Àgbàṣe: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tí Ó Yẹ Fún Títo Búlọ́ọ̀kù Títí Dé Líńtẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí ìpìlẹ̀ ilé bá ti jáde kúrò nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ti da kọnkéré sí ojú rẹ̀, ohun tí ó kàn ni pé kí onílé mọ bí òun yóò ṣe sanwó fún àwọn tí yóò to búlọ́ọ̀kù láti ojú kọnkéré náà títí dé ibi tí líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tí a ń dà sí orí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, yóò jókòó lé. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Onílé lè pe àwọn bíríkìlà àti lébírà wá, kí ó máa fún oníkálukú ní owó ojúmọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó sì lè pe ọ̀gá bíríkìlà kan, kí wọ́n dúnàá dúrà lórí iye kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́ náà, kí ọ̀gá náà kó àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ó sì mọ bí yóò ṣe sanwó fún wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ojúmọ́, èkejì ni àgbàṣe.

Nínú méjèèjì, bí a ṣe ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, onílé fúnra rẹ̀ ni ó ń ra búlọ́ọ̀kù, símẹ́ǹtì àti iyanrìn, òun náà ni ó sì ń wá omi. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni alágbàṣe ń dá owó lé. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni owó tí ọ̀pọ̀ onílé kò kà ń gbà jáde.

Ta ni yóò ru ẹrù ọjọ́ tí iṣẹ́ kò yá?

Ẹni tí ó ń san owó ojúmọ́, wákàtí ni ó ń rà. Bí omi bá tán ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tí ọkọ̀ omi kò sì dé títí di agogo méjì, owó ọjọ́ náà kò yí padà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó jókòó sí abẹ́ igi. Bí òjò bá lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán, ìdajì owó ni wọ́n sábà máa ń gbà, àmọ́ àdéhùn ni èyí, kì í ṣe òfin, ó sì dára kí a ti sọ ọ́ kí òjò tó ṣú. Bí iṣẹ́ bá ń falẹ̀ nítorí pé bíríkìlà ń dáhùn fóònù, onílé náà ni ó ń san owó ìfalẹ̀ yẹn.

Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe ń ra ògiri tí ó ti dúró. Bí iṣẹ́ bá fi ọjọ́ méjì pẹ́ nítorí pé àwọn ọmọọṣẹ́ kò pé, àpò ọ̀gá bíríkìlà ni ó ń jò. Fún ìdí èyí, kò sí alágbàṣe tí kì í fi owó díẹ̀ kún iye tí ó dá lé iṣẹ́, kí ọjọ́ tí nǹkan kò bá rí bí a ti rò má baà gbé èrè rẹ̀ lọ. Owó kékeré yẹn ni onílé ń san kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bóyá ó tọ́ kí ó san án wà lọ́wọ́ ìbéèrè kan: ṣé onílé lè wà níbi iṣẹ́, tàbí kí ó ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí yóò dúró síbẹ̀ fún un láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo onílé ni ojú tirẹ̀ mọ ògiri tí ó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó wọ́.

Kíka búlọ́ọ̀kù ni kí ó ṣáájú

A kò lè fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn bí a kò bá mọ iye búlọ́ọ̀kù tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí gígùn gbogbo ògiri rẹ̀, ti ìta àti ti inú, bí a bá so wọ́n pọ̀ lórí pílánì, jẹ́ mítà 90. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án gùn ní mílímítà 450, ó sì ga ní mílímítà 225. Bí a bá fi àlàfo íǹṣì kan tí símẹ́ǹtì ń gbà kún un, búlọ́ọ̀kù kan yóò gba mílímítà 475 lórí ìlà. Mítà 90 yóò wá gba búlọ́ọ̀kù 190 fún kóòsì kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan yí gbogbo ilé ká.

Kóòsì mẹ́sàn-án ni a sábà máa ń tò kí líńtẹ́ẹ̀lì tó gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé kò gba búlọ́ọ̀kù. Bí ilé náà bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, wọn yóò mú búlọ́ọ̀kù bíi 19 kúrò nínú kóòsì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá ní fèrèsé mẹ́wàá tí ó fẹ̀ ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lókè kóòsì kẹrin, wọn yóò tún mú bíi 25 kúrò nínú kóòsì márùn-ún òkè. Kóòsì mẹ́rin ìsàlẹ̀ yóò gba nǹkan bíi 680, márùn-ún òkè yóò sì gba nǹkan bíi 730. Àròpọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí 1,400. Èyí ni iye tí a ó tò. Iye tí a ó rà yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí pé àwọn kan yóò fọ́ nínú ọkọ̀, a ó sì gé àwọn mìíràn sí méjì.

Ìṣirò yìí kò le, síbẹ̀ òun ni ó ń yí ìdúnàádúrà padà. Ẹ wo ìyá kan tí ó dúró lórí kọnkéré ilé rẹ̀ ní Akóbọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá bíríkìlà tí aládùúgbò mú wá. Ọ̀gá náà rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní: “Màmá, ẹ jẹ́ kí a fi sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350. Torí tiyín ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.” Ìyá kò sọ pé ó wọ́n. Ó béèrè pé: “Ọ̀gá, búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ kà níbẹ̀?” Ọ̀gá tún wo ilẹ̀ yíká, ó ní kò lè dín ní 2,000. Ìyá mú ìwé jáde: “Èmi ka 1,400. Ẹ wá, kí á jọ tún un kà láti ẹnu ọ̀nà yìí.” Nígbà tí wọ́n kà á tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí àròpọ̀ owó, ó ti di ọ̀rọ̀ iye tí wọn yóò san lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ní iye tí ọ̀gá náà kọ́kọ́ dá, tí a bá fi 2,000 pín in, náírà 175 ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹyọ kan. Bí ìyá bá gbà láìkà, náírà 250 ni ìbá san. Wọ́n pàdé ní 200, iṣẹ́ náà sì di náírà 280,000. Ọ̀gá kò pàdánù, ìyá kò sì san owó búlọ́ọ̀kù tí kò sí.

Nígbà tí a bá gbé owó méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Iye owó tí mo lò níhìn-ín, àpẹẹrẹ ni. Kí oníkálukú fi èyí tí wọ́n ń gbà ní àdúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọgbọ́n ìṣirò náà kò ní yí padà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bíríkìlà ń gba náírà 12,000 lójúmọ́, tí lébírà sì ń gba 7,000. Bíríkìlà mẹ́rin àti lébírà mẹ́rin yóò gba náírà 76,000 lójúmọ́ kan. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́, tí lébírà rẹ̀ kò jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì wọ́n ọn lọ́wọ́, lè to nǹkan bíi 100 búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án lóòjọ́ lórí ògiri tí ó lọ tààrà. Níbi tí igun àti ẹnu ọ̀nà bá pọ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

| Bí iṣẹ́ ṣe lọ | Búlọ́ọ̀kù lójúmọ́ | Ọjọ́ | Àpapọ̀ owó |
|---|---|---|---|
| Ojúmọ́, iṣẹ́ yá | 400 | 3½ | ₦266,000 |
| Ojúmọ́, iṣẹ́ rìn níwọ̀nba | 350 | 4 | ₦304,000 |
| Ojúmọ́, iṣẹ́ falẹ̀ | 280 | 5 | ₦380,000 |
| Àgbàṣe | bí ọ̀gá bá ṣe fẹ́ | bí àdéhùn | ₦280,000 |

Ohun tí ó yẹ kí a mú jáde nínú èyí ni iye kan ṣoṣo tí ọ̀nà méjèèjì ti dọ́gba. Bí a bá fi náírà 200 tí alágbàṣe ń gbà lórí ẹyọ kan pín 76,000, a ó rí 380. Ìyẹn ni pé bí bíríkìlà mẹ́rin wọ̀nyí bá ń to búlọ́ọ̀kù 380 lójúmọ́, owó ojúmọ́ àti àgbàṣe jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá kọjá rẹ̀, ojúmọ́ ló dín owó kù. Bí wọn kò bá dé ibẹ̀, àgbàṣe ló sàn. Ó kan bíríkìlà kọ̀ọ̀kan ní 95 lóòjọ́, èyí tí kò jìnnà sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá tò. Ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń tò báyìí kò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Ẹ tún wo bí èrè méjèèjì kò ṣe dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ojúmọ́ bá bọ́ sí rere, náírà 14,000 ni onílé fi jèrè ju àgbàṣe lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá bọ́ sí rere, náírà 100,000 ni ó fi pàdánù. Bí ó bá sì gba fọ́mánì láti dúró tì wọ́n, owó fọ́mánì fún ọjọ́ díẹ̀ yóò jẹ èrè kékeré yẹn tán. Nítorí náà, tí iye búlọ́ọ̀kù bá ti dájú, tí pílánì kò ní yí padà, tí búlọ́ọ̀kù sì ti wà nílẹ̀ tán, èmi yóò yan àgbàṣe fún ipele yìí. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ìṣirò yìí kàn.

Símẹ́ǹtì tí kò sí nínú àdéhùn

Alágbàṣe kò ra símẹ́ǹtì, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń dùn ún bí símẹ́ǹtì bá ṣòfò. Ohun tí ó ń dùn ún ni àkókò. Àpòpọ̀ tí ó pọ̀ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù a máa mú iṣẹ́ yá, nítorí pé bíríkìlà kò ní máa gbá búlọ́ọ̀kù tí kò gún régé sọ́tùn-ún sósì kí ó tó jókòó. Yóò kàn da àpòpọ̀ tí ó nípọn sílẹ̀, yóò tẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn, ó di òmíràn.

Bí àlàfo bá jẹ́ íǹṣì kan, tí àpòpọ̀ sì jẹ́ símẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́fà, àpò símẹ́ǹtì kan a máa to nǹkan bíi 50 búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù 1,400 yóò gba àpò 28. Bí àlàfo bá di íǹṣì kan ààbọ̀, àpò kan kò ní tò ju nǹkan bíi 32 lọ, gbogbo iṣẹ́ náà yóò sì gba àpò bíi 44. Bí àpò kan bá jẹ́ náírà 10,000, náírà 160,000 ti wọlẹ̀ láìsí ẹni tí ó jí nǹkan kan. Ẹ fi èyí wé náírà 100,000 tí a ní àgbàṣe gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ lókè yìí, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe tí ó sì lọ sùn sílé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó.

Ìwà yìí kò le bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olójúmọ́, nítorí pé ìkánjú kì í ṣe tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn náà ní àléébù: wọ́n a máa po àpòpọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ jẹun, nígbà tí wọ́n bá sì dé, yóò ti ń gan, wọn yóò bu omi sí i, wọn yóò tún un pò. Àpòpọ̀ tí ó ti lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí omi kàn án kò tún yẹ kí a lò, omi tí a bù sí i kò dá agbára rẹ̀ padà. Pípo díẹ̀díẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀pá ni a fi ń mọ̀ bí àlàfo bá ti nípọn jù, ọ̀pá náà kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí onílé wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó tọ́, kí ó fi pẹ́ńsù kálípẹ́ńtà sàmì sí i ní íǹṣì mẹ́wàá mẹ́wàá, láti ìsàlẹ̀ dé íǹṣì 90. Búlọ́ọ̀kù kan àti àlàfo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́wàá, nítorí náà orí kóòsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú àmì kan. Bí kóòsì kẹrin bá ti fi íǹṣì méjì kọjá àmì kẹrin, kò sí àríyànjiyàn tí ó ṣẹ́ kù: àpòpọ̀ ti nípọn jù. Kóòsì mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ parí sí ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá bíríkìlà fúnra wọn ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, inú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́ bí onílé bá mú tirẹ̀ wá.

Ọ̀nà kejì ni pé kí símẹ́ǹtì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí a máa kó àpò jáde ní òwúrọ̀ ní ìwọ̀n iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí a sì ka búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò ní ìrọ̀lẹ́. Bí àpò mẹ́jọ bá jáde, ó yẹ kí nǹkan bíi 400 wà lórí ògiri.

Ohun tí ìkánjú ń fi pamọ́ sínú ògiri

Àlàfo òòró, ìyẹn ẹnu tí búlọ́ọ̀kù méjì fi kan ara wọn lórí ìlà, ni alákánjú kọ́kọ́ ń fò. Ó rọrùn láti fi àpòpọ̀ bo ìta rẹ̀ kí inú rẹ̀ ṣófo, nígbà tí wọ́n bá sì ti rẹ́ ògiri tán, kò sí ẹni tí yóò rí i mọ́ àfi ìgbà tí ògiri bá ń la tàbí tí òjò bá ń gbà wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó ga, ẹ dúró sínú yàrá kí ẹ kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba àárín búlọ́ọ̀kù méjì kọjá, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀.

Ohun kejì ni gíga tí ògiri gbà lọ́jọ́ kan. Bí ògiri tí kò tíì gan bá ga jù, ẹrù òkè yóò máa tẹ àpòpọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, ògiri yóò sì yẹ̀ kúrò ní ìnàró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Mítà kan ààbọ̀ lọ́jọ́ kan ni a kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìyẹn kóòsì mẹ́fà. Èmi fẹ́ràn kóòsì márùn-ún. Àwọn olójúmọ́ mẹ́rin inú àpẹẹrẹ wa kò lè kọjá rẹ̀ bí wọ́n bá ń tò yí gbogbo ilé ká, nítorí pé kóòsì bíi méjì ààbọ̀ ni 400 búlọ́ọ̀kù ń tò lójúmọ́. Alágbàṣe ni ó lè kó bíríkìlà méjìlá wá ní ọjọ́ Sátidé kan kí ó lè sáré lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní ọjọ́ Ajé. Ilé tí ó dé líńtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kan a máa dùn ún wò nínú fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kò sì yẹ kí onílé yọ̀ sí i.

Nígbà ọyẹ́, búlọ́ọ̀kù gbígbẹ a máa fa omi inú àpòpọ̀ mu kíá. Kí wọ́n bu omi díẹ̀ wọ́n búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó tò ó, kí wọ́n sì tún wọ́n ògiri lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ìṣó ha àlàfo ògiri lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: bí ó bá ń ya bí iyanrìn, omi ti sá kúrò nínú rẹ̀ kí símẹ́ǹtì tó mú. Lébírà ojúmọ́ ni ó sábà máa ń ṣe èyí láìjanpata bí a bá ti ní kí ó ṣe é. Alágbàṣe yóò kà á sí iṣẹ́ àfikún, àfi bí ó bá ti wà nínú àdéhùn.

Bí a ṣe lè dá àdéhùn àgbàṣe

Ìwé ojú kan tó, kódà kí ó jẹ́ ìwé ọmọ iléèwé, bí onílé àti ọ̀gá bíríkìlà bá ti fọwọ́ sí i. Kí ó sọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí: láti ojú kọnkéré dé orí kóòsì kẹsàn-án, líńtẹ́ẹ̀lì kò sí nínú rẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí yóò mú pákó àti igi àkàbà wá, ẹni tí yóò máa pọn omi, ẹni tí yóò gbé búlọ́ọ̀kù láti ibi tí ọkọ̀ já a sí, nítorí pé ọ̀nà tí ó bá jìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìpìlẹ̀ lè gba lébírà méjì fún odindi ọjọ́. Kí ó sọ pé kóòsì kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ lọ́jọ́ kan, pé àlàfo kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì kan lọ, àti pé gbogbo àlàfo òòró gbọ́dọ̀ kún. Kí ó sì sọ iye tí a ó san lórí ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan bí onílé bá fi ògiri kan kún iṣẹ́ tàbí bí ó bá yọ ọ̀kan kúrò, kí ìdúnàádúrà má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Ọ̀rọ̀ owó ìṣáájú ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Alágbàṣe a máa béèrè ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbé búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbà á lè lọ fi san gbèsè ilé ẹlòmíràn. Kí owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́, kí ó má ṣíwájú rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ náírà 280,000 wa, a lè fún un ní 40,000 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ. Bí kóòsì kẹrin bá pé, iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ 680 búlọ́ọ̀kù, iye rẹ̀ sì jẹ́ náírà 136,000. A ó fún un ní 90,000, ohun tí ó ti gbà yóò wá jẹ́ 130,000. Bí kóòsì kẹsàn-án bá pé, yóò gba 122,000. Náírà 28,000 tí ó kù yóò dúró títí kálípẹ́ńtà líńtẹ́ẹ̀lì yóò fi dé, nítorí pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ rí i bí orí ògiri kò bá tẹ́jú tàbí bí ẹnu ọ̀nà kò bá fẹ̀ dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀.

Onílé pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ọ̀gá bá kó ọmọ mẹ́wàá dé tí kò sí búlọ́ọ̀kù nílẹ̀, ọ̀gá náà ni yóò fún wọn ní owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò kó wọn lọ síbòmíràn, kò sì ní padà lọ́jọ́ tí a fẹ́. Kí a fi sínú ìwé pé ọjọ́ tí ohun èlò kò bá sí nílẹ̀, onílé yóò san iye kékeré kan tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí yóò sì sún síwájú.

Ibi tí owó ojúmọ́ ti dára jù

Bí owó bá ń wọlé fún onílé díẹ̀díẹ̀, tí ó ń ra búlọ́ọ̀kù 200 lóṣù yìí, 300 lóṣù tí ń bọ̀, kí ó má ṣe gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe. Alágbàṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dá dúró ní gbogbo ìgbà yóò fi iye tí ó ga sí i díwọ̀n ìdádúró náà, tàbí kí ó sá lọ. Bíríkìlà méjì àti lébírà méjì fún ọjọ́ kan, náírà 38,000 nínú àpẹẹrẹ wa, yóò to 200 náà tán ní Sátidé kan, wọn yóò gba owó wọn, ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí a kò lè kà. Ògiri tí ó rí roboto ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ibi tí a fẹ́ wó ògiri àtijọ́ kí a sì fi tuntun so mọ́ ọn, fèrèsé tí a ti to búlọ́ọ̀kù dí tí a tún fẹ́ ṣí, kò sí alágbàṣe tí ó mọ iye tí wọn yóò gbà án. Bí ó bá dá iye kan lé e, yóò jẹ́ iye tí ó fi ẹ̀rù dá. Kí a fi owó ojúmọ́ ṣe irú rẹ̀, kí a sì fi ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn sí i.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí mo rò pé kò yẹ kí a gbàgbé: kí a san owó ojúmọ́, ṣùgbọ́n kí a sọ iye búlọ́ọ̀kù tí ó kan bíríkìlà kọ̀ọ̀kan, fún àpẹẹrẹ 95, kí ẹni tí ó bá tò ó tán tí ògiri rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lè lọ sílé bí ó tilẹ̀ jẹ́ agogo mẹ́ta. Ìdílọ́wọ́ onílé ni yóò ba èyí jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò rí omi kò lè parí ìpín rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ pé. Níbi tí ohun èlò bá ti pé nílẹ̀, tí ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò sì wà níbẹ̀, ó ń mú kí ojúmọ́ yá tó àgbàṣe láìgbé ìkánjú rẹ̀ wá.

Ẹni tí ó ń kọ́lé ní Ìbàdàn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àgbàṣe ni kí ó yàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò máa sanwó fún alágbàṣe má jẹ́ ẹni tí ó mú alágbàṣe náà wá. Kí ó béèrè fún fọ́tò ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n fi ti ògiri ní kóòsì kẹrin àti ìkẹsàn-án, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, kí àmì íǹṣì mẹ́wàá mẹ́wàá hàn kedere, pẹ̀lú iye àpò símẹ́ǹtì òfìfo tí a kó jọ. Ní kóòsì kẹrin, 680 búlọ́ọ̀kù kò yẹ kí ó ti jẹ ju àpò 14 lọ, owó kejì kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí fọ́tò wọ̀nyẹn tó dé.